Ìkìlọ̀: Ẹ Gba Àṣẹ Kí Ẹ Tó Sọ Fọ́tò Ọmọ Ọlọ́mọ Di Àwòrán

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ OpenAI fi ẹ̀rọ ayàwòrán tuntun kún ChatGPT. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àwọn èèyàn káàkiri ayé fi ń sọ fọ́tò ara wọn di àwòrán, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Studio Ghibli ti ilẹ̀ Japan máa ń yà sínú fíìmù rẹ̀. Àṣà náà kò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti kọjá báyìí, tí ẹ bá ṣí Wásáàpù yín ní Kọ́bapẹ́, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ṣágámù, ẹ ó rí ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde tí ojú rẹ̀ ti di ojú bèbí inú fíìmù. Ẹ ó rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n to ara wọn sí ẹnu géètì, tí ẹ̀rọ ti fi ọ̀dà kùn wọ́n. Ó dára lójú, ẹni tó ṣe é kò sì gbèrò ibi. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò yìí, ẹni tó gbé wọn sínú ẹ̀rọ kọ́ ló ni ojú tó wà níbẹ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìyẹn ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà lọ́kàn ni pé àwòrán máa ń bo ẹni mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní, “Ṣebí kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ gan-an ni mo gbé jáde, àwòrán lásán ni.” Èrò yìí ló ń mú kí ẹni tí kò ní gbé fọ́tò ọmọ aládùúgbò rẹ̀ sórí Fesibúùkù láéláé máa gbé àwòrán ọmọ náà síbẹ̀ láìbìkítà. Èrò náà kò tọ́ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa kọ́ ló ń yàwòrán nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn áàpù wọ̀nyí. Bí ẹ bá ti yan fọ́tò, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, odidi fọ́tò náà ni yóò gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù, tó lè wà ní Amẹ́ríkà tàbí ibòmíràn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa wo ojú, aṣọ, ògiri ẹ̀yìn àti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kó tó wá ya òmíràn ránṣẹ́ padà sí yín. Kí àwòrán tó dé rárá, ojúlówó fọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ lè pa àwòrán náà rẹ́ kúrò lórí fóònù yín lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kò ní kí fọ́tò tó ti lọ padà wálé.

Kí ni wọ́n ń fi fọ́tò náà ṣe níbẹ̀? Ọwọ́ áàpù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni Lensa, áàpù tó gbajúmọ̀ ní ìparí ọdún 2022, sọ nígbà náà pé àwọn máa ń pa fọ́tò tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ rẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Ní ti ChatGPT tí gbogbo ènìyàn ń lò, wọ́n lè fi ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ wọn, àfi tí ẹ bá lọ sí `Settings`, tí ẹ wọ `Data controls`, tí ẹ sì pa ìlà tí wọ́n kọ `Improve the model for everyone` sí. Bí ẹ bá pa ìjíròrò kan rẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ní ó lè tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà àwọn. Ẹ má sì jẹ́ kí Wásáàpù tàn yín jẹ. Títìpa tó wà lórí ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ẹ̀yin kò sí lórí ohun tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí Meta AI nínú Wásáàpù kan náà. Ilé-iṣẹ́ Meta lè rí i.

Ẹni tó bá ń gbé fọ́tò ara rẹ̀ síbẹ̀ lè pinnu pé òun fara mọ́ gbogbo èyí. Ojú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló fún un láṣẹ láti fara mọ́ ọn lórúkọ ọmọ ẹlòmíràn?

Ọ̀rọ̀ pé fọ́tò ọmọdé lè di ohun ìkọ́ṣẹ́ fún ẹ̀rọ kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Human Rights Watch kéde pé àwọn rí fọ́tò ọmọ Brazil 170 nínú àkójọ fọ́tò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní LAION-5B, tí wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ ayàwòrán. Díẹ̀ péré nínú àkójọ náà ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó rí iye yẹn. Àwọn kan lára fọ́tò náà jẹ́ ti ọjọ́ ìbí àti ti ayẹyẹ iléèwé, tí àwọn òbí àti ìbátan gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn fún ojú àwọn èèyàn wọn nìkan. Orúkọ àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà lára àkọlé fọ́tò wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àjọ náà rí ti àwọn ọmọ Australia náà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ tàbí òbí kankan.

Ní ti pé àwòrán ń bo ẹni mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó ní Kọ́bapẹ́ níbí. Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù ni Kọ́bapẹ́ wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Àlejò ń wọlé, wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé, ṣùgbọ́n ìlú tí a ti ń fi ilé bàbá mọ ọmọ ni síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ ojú ọmọ di ojú bèbí, ó ṣì fi àlàfo eyín rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi irun tí ìyá rẹ̀ dì fún un sílẹ̀, àti àwọ̀ aṣọ iléèwé rẹ̀, àti àwọ̀ géètì tó dúró tì. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yóò mọ ọmọ náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Àjèjì nìkan ni kò ní mọ̀ ọ́n nínú àwòrán, ìyẹn sì nìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ àwọn nǹkan yòókù tí à ń fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tú u palẹ̀. Ká ní ó jẹ́ oṣù keje, iléèwé aláàdáni kan ní Kọ́bapẹ́ ń ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún. Àǹtí ọmọ kan wá, inú rẹ̀ dùn, ó ya ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin níwájú pátákó iléèwé. Ní alẹ́, ó gbé fọ́tò náà sínú áàpù, àwòrán tó rẹwà jáde, ó gbé e sórí Wásáàpù àti Fesibúùkù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ọmọ wa ti jáde nọ́sìrì o,” ó fi orúkọ ọmọ àti orúkọ bàbá rẹ̀ kún un.

Ọmọ márùn-ún ló wà nínú fọ́tò yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ti ẹbí àǹtí, àǹtí fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe òbí ọmọ náà. Òbí àwọn mẹ́rin tó kù kò mọ̀ pé ojú ọmọ wọn ti wọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn òbí yẹn kì í gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ síta rárá nítorí ẹjọ́ tó wà láàárín òun àti bàbá ọmọ, tàbí nítorí pé ó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú wá fara pamọ́ sí Kọ́bapẹ́. Àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, wọn kì í sì í kéde ara wọn. Fún irú wọn, àwòrán tó ní àwọ̀ aṣọ iléèwé lára ti tó láti tú àṣírí ibi tí wọ́n wà.

Lẹ́yìn náà ni pátákó. Ẹ̀rọ ayàwòrán máa ń ba ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó jẹ́ nígbà míràn, nígbà míràn ó sì máa ń tún un kọ kedere. Bó tilẹ̀ bà á jẹ́, orúkọ iléèwé àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lára ojúlówó tó ti lọ. Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Bí kámẹ́rà fóònù bá wà ní ipò tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí èèyàn wà, yóò kọ ọ̀gangan ibi tí a ti ya fọ́tò náà, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sínú fáìlì. Wásáàpù máa ń yọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí fọ́tò, ṣùgbọ́n kì í yọ ọ́ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì kó má baà dínkù ní dídára. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dọ́kúmẹ́ǹtì gan-an ni àwọn ayafọ́tò wa fẹ́ràn láti fi ránṣẹ́. Ẹ wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀: orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iléèwé, kíláàsì, ìrísí ọmọ. Ẹni ibi tó bá fẹ́ dúró lẹ́nu géètì kó ní, “Dádì rẹ ló ní kí n wá mú ẹ,” ti rí gbogbo ohun tó nílò.

Báwo ni àǹtí yìí ì bá ti ṣe é? Ì bá kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbà, ì bá gé fọ́tò náà kó ku ọmọ ẹbí rẹ̀ nìkan, láìsí pátákó, láìsí báàjì. Bí àwọn ọmọ yòókù kò bá ṣeé gé kúrò, kó fi àwọ̀ kan tó dí pátápátá kun ojú wọn kó tó gbé fọ́tò sínú áàpù. Mo tẹnu mọ́ “kó tó”, nítorí ẹni tó bá dúró dìgbà tí àwòrán jáde kó tó bo ojú ọmọ ti pẹ́ jù. Kó má sì lo ìlà ìkunwé tó mọ́lẹ̀ tí ojú ń rí inú rẹ̀, torí pé èèyàn lè fi títan ìmọ́lẹ̀ fọ́tò yọ ohun tó wà lábẹ́ irú ìyẹn. Kó wá ya ojú fóònù rẹ̀ bí fọ́tò náà bá ti wà níbẹ̀, kó lo èyí tó yà yẹn, nítorí àkọsílẹ̀ ibi tí a ti ya ojúlówó kì í bá a lọ. Kó tó di ọjọ́ mìíràn, kó wọ inú ètò kámẹ́rà rẹ̀, kó pa `Location tags` tàbí `Save location`. Lórí iPhone, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ tẹ `Options` lókè, kí ẹ pa `Location`. Orúkọ ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ àwòrán náà.

Ewu mìíràn wà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í ya ohun tó rí nìkan, ó máa ń fi ohun tó ti mọ́ ọn lára kún un. Ó máa ń sọ dúdú di pupa, ó máa ń pa ilà ojú àgbàlagbà rẹ́, ó lè ṣí ìborí obìnrin Mùsùlùmí kó sì ya irun fún un. Ẹni tó ni ojú ló lè sọ bóyá èyí bu òun kù tàbí kò bu òun kù. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ nígbà tí Lensa gbòde ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Obìnrin olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò ìgbà èwe ara rẹ̀ dán áàpù náà wò, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn Wired. Ẹ̀rọ náà dá àwòrán ìhòòhò padà fún un láti inú fọ́tò ọmọdé, láìjẹ́ pé ó béèrè irú rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ náà ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi fọ́tò ọmọdé síbẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ òfin yẹn.

Bí ẹ̀rọ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìrán an níṣẹ́, ẹ wo ohun tó ń ṣe fún ẹni tó bá rán an. Ní ìparí ọdún 2025 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2026, àwọn èèyàn ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ Grok tó wà lórí X pé kó bọ́ aṣọ lára àwọn obìnrin tí fọ́tò wọn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kan ọmọdé, débi pé ìjọba Indonesia àti Malaysia dí ojú ọ̀nà Grok fúngbà díẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026. Fọ́tò tí gbogbo ayé lè rí ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ síta, kódà pẹ̀lú ìfẹ́, ti fi ohun èlò lé àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù, pé ṣebí àwọn ayafọ́tò wa ti ń yí fọ́tò padà tipẹ́. Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí lórí iṣẹ́ fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá, kọ nípa fọ́tò ìbejì nínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí kò sì sí fọ́tò àwọn méjèèjì papọ̀, òbí á gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì, ayafọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ kan abo kan, wọ́n á ya ọmọ tó kù pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀ fún un, wọ́n á tún un yà, ayafọ́tò á sì so méjèèjì pọ̀ nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀.

Ẹ kò ní rí ìyípadà fọ́tò ọmọdé tó ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀ kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, nítorí pé òbí ló béèrè, òbí ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ayafọ́tò tó ṣe é jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, fọ́tò náà sì wà nínú ilé lọ́dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí òbí bá yí ọkàn padà, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti lè lọ gba nẹ́gátíìfù fọ́tò wọn. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn nǹkan yìí nínú ohun tí à ń ṣe lórí fóònù lónìí. Ẹni tí kò bí ọmọ ló ń béèrè, kò sí ẹni tó mọ ibi tí fọ́tò ń lọ, a kò mọ ẹni tó ń yà á, kò sì sí ibi tí a ó ti lọ gbà á padà.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹ̀ka 37, dáàbò bo àṣírí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Òfin Ààbò Ìwífún Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka fọ́tò tí a lè fi mọ ènìyàn sí ìwífún nípa rẹ̀. Òfin yẹn ní dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, pé ẹni tó yọ̀ǹda lè yí ọkàn padà, àti pé bó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti sọ di tirẹ̀, fún ọmọ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ibi tí òfin ọdún 2023 ti fàlà. Kò mú ẹni tó ń lo fọ́tò fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tàbí ti ilé rẹ̀ nìkan, àmọ́ ó fi kún un pé ìlò náà kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíràn lójú. Àǹtí tó ṣe àwòrán fún fóònù ara rẹ̀ lè wà lábẹ́ àwíjàre yẹn. Iléèwé tó sọ fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ di àwòrán láti fi polówó sáà tuntun kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayafọ́tò tó fi ọmọ oníbàárà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀, aránṣọ tó fi ọmọ ẹni tó rán aṣọ fún polówó, àti ìjọ tó fi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ṣe páálí ìkéde. Ìtanràn ilé-iṣẹ́ kékeré lè dé mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ẹni tó bá wá ṣe àwòrán ìhòòhò ọmọdé ti wọ ọ̀ràn mìíràn. Ẹ̀ka 23 òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 kan àwòrán tó jọ ojúlówó pẹ̀lú, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń béèrè àṣẹ? Ní kedere, kí ẹni tí à ń bi lè kọ̀ láìtijú. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́, ohun tí n ó sọ rèé: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ fi fọ́tò ọmọ yín tí a yà lánàá sínú áàpù kan lórí fóònù mi, yóò sọ ọ́ di àwòrán. Fọ́tò náà yóò lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù, n kò lè gbà á padà. Àwọn òbí kíláàsì wa nìkan ni n ó fi hàn. Bí ẹ kò bá fẹ́, kò sí nǹkan kan, n ó yọ ọmọ yín kúrò.” Ọ̀rọ̀ yẹn sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, ibi tí fọ́tò ń lọ, àwọn tó máa rí i, àti pé kíkọ̀ kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Bí ó bá ku ọ̀kan, ìbéèrè náà kò pé. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù kí ìdáhùn wà ní àkọsílẹ̀. Ẹ má fi í sínú gúrúùpù kí ẹ wá ní ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Bí ọmọ bá sì ti tó ọjọ́ orí tó lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ bi òun náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun rí òun bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́, kódà bí ìyá rẹ̀ bá ti gbà.

Àgbàlagbà tí kì í ṣe gbajúmọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ kan náà. Ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú tó gbà kí ẹ ya òun pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ kò tíì gbà pé kí ẹ sọ òun di ọmọge inú fíìmù. Ìyọ̀ǹda fún yíyà kì í ṣe ìyọ̀ǹda fún yíyí. Ẹ má sì fọwọ́ kan fọ́tò ẹni tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, torí pé kò sí ní ipò láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ti òkú, ẹbí ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe ọ̀rẹ́ òkú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń mú kí fọ́tò bàbá tó ti kú máa rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó lè tu opó kan nínú, ó sì lè dá ọgbẹ́ tuntun sí òmíràn lára.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá rí àwòrán ọmọ yín níbì kan, ẹ má kọ́kọ́ fi ìbínú dáhùn sábẹ́ rẹ̀, nítorí èsì púpọ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn púpọ̀ sí i rí i. Ẹ ya ojú fóònù yín kí orúkọ ẹni tó gbé e síta àti ọjọ́ rẹ̀ hàn, kí ẹ sì da àdírẹ́sì ojú ewé náà kọ. Ẹ wá ránṣẹ́ sí ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀, ẹ ní kó yọ ọ́, kó pa á rẹ́ nínú áàpù tó fi ṣe é, kó sì bẹ àwọn tó ti fi ránṣẹ́ sí kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà, torí àìmọ̀ ni. Bí ó bá kọ̀, ẹ lo bọ́tìnnì ìfisùn tó wà lórí Fesibúùkù tàbí ibi tó wà. Bí ó bá jẹ́ iléèwé tàbí oníṣòwò, Àjọ Ààbò Ìwífún Nàìjíríà, NDPC, ń gba ẹ̀sùn.

Bí àwòrán bá jẹ́ ti ìhòòhò ọmọdé, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àní láti fi hàn án pé ohun burúkú ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú fóònù tí àwòrán náà wà lórí rẹ̀. Ojú ewé kan tún wà, `takeitdown.ncmec.org`, tó wà fún fọ́tò ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Fọ́tò kò ní kúrò lórí fóònù yín. Ojú ewé náà á kàn ṣe nọ́ńbà kan láti inú rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá wọn ṣe, lára wọn ni Fesibúùkù, fi ń mọ àwòrán náà bó bá yọjú, tí wọ́n á fi yọ ọ́. Ti àgbàlagbà ni `stopncii.org`. Méjèèjì kò lè dé inú Wásáàpù ènìyàn, nítorí pé ohun tó wà níbẹ̀ ti wà ní títìpa.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé àti ayafọ́tò Kọ́bapẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀ jù, torí ọwọ́ yín ni fọ́tò ọmọ tó pọ̀ jù wà. Ẹ fi ìlà kan kún ìwé tí òbí ń kọ nígbà ìforúkọsílẹ̀ pé ṣé wọ́n gbà kí ẹ ya ọmọ wọn, kí ẹ sì fi ìlà mìíràn sọ́tọ̀ pé ṣé wọ́n gbà kí ẹ fi í sínú ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti àwòrán ọmọ tó ti wà lórí ojú ewé yín láìgba àṣẹ, ẹ yọ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí.